Ẹran Gbígbóná Lẹ́nu: Bí A Ṣe Ń Wọn Ẹ̀rín fún Ìṣẹ́jú Méjì

Ìṣẹ́jú àáyá 120 ló wà nínú ìṣẹ́jú méjì. Láàrin rẹ̀, ẹni tó ń kọ sikíìtì fún fóònù gbọ́dọ̀ jẹ́ ká mọ ẹni tó wà nínú ilé, ohun tó ń wá àti ohun tó dí i lọ́nà, kó sì pa wá lẹ́rìn-ín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí pé àkókò kéré, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ dán an wò a máa fi ọ̀rọ̀ kún un bámúbámú, ẹnu ò ní dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Àmọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti ń jáde jù. Ibẹ̀ ló yẹ kí òǹkọ̀wé kọ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìyàwòrán tó dé, kó sì kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń wo eré máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá mọ ohun kan tí ẹni inú eré kò tíì mọ̀, tó sì rí i pé ẹni náà ti ń sún mọ́ ọn. Ìdákẹ́ ló ń fún òǹwòran láyè láti débẹ̀ ṣáájú. Bí ìdákẹ́ bá kúrú jù, òǹwòran ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí eré ti kọjá lọ. Bó bá gùn jù, òǹwòran á ti dé, á ti dúró, á sì ti sú u. Àwọn tó ń ya fíìmù ń pe ìdákẹ́ yìí ní bíìtì, àwọn mìíràn kàn ń kọ ọ́ sínú ìwé eré láìsọ bó ṣe gùn tó. Èmi gbà pé kò tó bẹ́ẹ̀. Nínú eré ìṣẹ́jú méjì, ìdákẹ́ tí kò ní iye kò yàtọ̀ sí ìdákẹ́ tí a kò kọ, nítorí ojú ẹsẹ̀ ni òṣèré tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ yóò fi ọ̀rọ̀ dí i.

Lórí ìtàgé, òṣèré kò nílò nọ́ńbà kankan. Nígbà tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá olórí ẹgbẹ́ Aláwàdà tó di olóògbé lọ́dún 2018, bá wà níwájú èrò, etí rẹ̀ ló ń bá a wọn àkókò. Òṣèré orí ìtàgé á jẹ́ kí ẹ̀rín ga, á dúró títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ìgbà náà ni yóò sọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Bó bá yá a sọ, ariwo á bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá pẹ́, ilé á tutù. Fíìmù kò ní etí yìí. Nígbà tí Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Mooru lọ́dún 1982, bí èrò rẹ́rìn-ín títí, fíìmù kò lè dúró dè wọ́n. Ẹni tó ń wo sikíìtì lórí fóònù sì sábà máa ń dá wà, nínú bọ́ọ̀sì tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín ẹnì kan ṣoṣo kì í sì í gùn bí ti ilé tó kún. Nítorí náà òǹkọ̀wé ni yóò fọkàn gbọ́ ẹ̀rín náà ṣáájú, yóò sì fi nọ́ńbà sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú eré kan, ká tò ó láti òkè délẹ̀. Mo kọ ọ́ fún àpilẹ̀kọ yìí. Ilé ìdáná kan ni, ènìyàn mẹ́ta, ìkòkò ọbẹ̀ kan. Nọ́ńbà tó ṣáájú ni aago eré, ibi tí mo bá kọ «dákẹ́» sí, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni iye ìṣẹ́jú àáyá.

0:00. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí gáàsì, ooru ń rú lára rẹ̀. Wálé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dúró tì í. Ohùn Ìyá láti ẹ̀yìnkùlé: «Wálé! Mo ti ka ẹran inú ìkòkò yẹn o. Mẹ́rin ni!» Wálé: «Ẹ̀ẹ́n mà!»

0:08. Wálé yọjú wo ìta. Ó ṣí ìkòkò. Ooru bò ó lójú. Dákẹ́ 1. Ó fi ìka mú ẹran kan, ó gbóná, ó ń jù ú láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì.

0:20. Ìró bàtà Bàbá. Wálé wo ilẹ̀kùn, ó wo ìkòkò, ó wo ẹran. Dákẹ́ 1. Ó ju odindi ẹran sẹ́nu, ó dé ìkòkò.

0:28. Bàbá wọlé, fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ fà ro. Ohùn Ìyá: «Bàbá Wálé, ẹ bá mi ṣọ́ ìkòkò yẹn o, mẹ́rin ni mo kà!» Bàbá: «Mo ti gbọ́. Wálé, jókòó. Wọ́n pè mí láti ilé. Ara Màmá Àgbà ò yá.» Wálé jókòó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. «Ḿ?»

0:40. Omi kán lójú Wálé. Dákẹ́ 2. Bàbá: «Orúnkún ló kàn ń dùn wọ́n o, kì í ṣe nǹkan ńlá.» Omi kán lójú kejì. Wálé ń fi imú mí túpetúpe. Bàbá: «Háà! O fẹ́ràn wọn tó báyìí?» Wálé mi orí kíákíá: «Ḿ! Ḿ!»

0:58. Bàbá: «Èmi tí wọ́n bí nínú ara wọn, mi ò tíì sunkún.» Ó fa ẹgbẹ̀rún náírà yọ, ó fi í sí Wálé lọ́wọ́, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn: gbà! Ẹran kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó bọ́ sí ti òsì. Dákẹ́ 1.

1:12. Bàbá: «Ó tó. Jẹ́ n bu ẹran kan fún ẹ.» Ojú Wálé yọ síta. Ó di ẹ̀wù Bàbá mú, ó ń mi orí: «Ḿ-ḿ!» Bàbá: «Wò ó, kò tiẹ̀ lè jẹun mọ́!»

1:22. Bàbá ṣí ìkòkò, ó ti ṣíbí ọbẹ̀ bọ̀ ọ́. «Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta.» Ṣíbí ń yí ìkòkò ká. Dákẹ́ 3. Bàbá gbórí sókè, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wálé. Wálé gbé e mì: gbì!

1:34. Wálé: «Ẹ ṣé sà.» Dákẹ́ 1. Bàbá wo ilẹ̀kùn, ó wo ìkòkò, ó wo ẹran. Ó ju ọ̀kan sẹ́nu, ó dé ìkòkò.

1:44. Ìyá wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá wú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyá: «Bàbá Wálé, kí ló dé?» Dákẹ́ 2. Wálé rọra gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá rẹ̀: «Màmá Àgbà ni wọ́n ń rò.»

1:54. Ìyá: «Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ n bu ẹran fún yín.» Ó na ọwọ́ sí ìdérí ìkòkò. Bàbá àti Wálé lẹ́ẹ̀kan náà: «Ḿ-ḿ!» Ó parí ní 2:00.

Ìdákẹ́ méje ló wà níbẹ̀, àpapọ̀ gbogbo wọn kò ju ìṣẹ́jú àáyá 11 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe kéré tó nínú ìyókù. Ohun tí Wálé sọ tó ní ìtumọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló sì gùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, omi ojú, ṣíbí àti ọ̀nà ọ̀fun ló ń ṣe iṣẹ́ ẹnu fún un.

Ibi tó ta jù, tí mo sì fẹ́ ká pẹ́ sí, ni 1:22. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni ẹran tí kò sí nínú ìkòkò, ohun tí kò sí kì í sì í hàn sí ojú bí a kò bá kọ́kọ́ jẹ́ kí òǹwòran mọ̀ pé ó yẹ kó wà. Ìdí nìyẹn tí Ìyá fi sọ «mẹ́rin» lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ bọ́ sí ìgbà tí òǹwòran ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pinnu bóyá òun yóò dúró wò ó tàbí òun yóò fi àtàǹpàkò gbé e kọjá, a kò lè gbọ́kàn lé e pé ó gbọ́. Ti kejì ni Bàbá fetí ara rẹ̀ gbọ́, tó sì dáhùn sí. Láìsí èyí, ìwo tó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wálé ní 1:31 kò ní ní ìdí. Bí Ìyá bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, òǹwòran á ti fura pé a fẹ́ fi nọ́ńbà yẹn ṣe nǹkan, á sì bá wa débẹ̀ kí Bàbá tó ṣí ìkòkò rárá.

Lẹ́yìn náà ni kíkà. «Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta.» Kí ìkọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, kí wọ́n dọ́gba, kí ohùn Bàbá má ṣe lọ sókè tàbí wálẹ̀. Nígbà tí etí bá ti gbọ́ mẹ́ta tó dọ́gba báyìí, ó ti ṣí sílẹ̀ de ìkẹrin. Ìkẹrin kò sì dé. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kì í ṣe òfìfo. Ní àkọ́kọ́, ṣíbí ń yí ìkòkò ká, òǹwòran ń rántí mẹ́rin. Ní ìkejì, ṣíbí dúró, orí Bàbá ń gbéra. Ní ìkẹta, ojú rẹ̀ bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdákẹ́ tó gùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, bí kò bá ní, ìṣẹ́jú àáyá kan ti pọ̀ jù fún un.

Ẹ kíyè sí i pé Bàbá kò béèrè pé «Ìkẹrin dà?» Òṣèré tó bá fẹ́ kí a rí i pé òun mọ eré ṣe á fẹ́ fi gbólóhùn yìí kún un. Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹwòran. Òǹwòran ti ṣírò tán fúnra rẹ̀, ayọ̀ ìṣírò yẹn ló sì ń di ẹ̀rín. Bí a bá sọ ìdáhùn fún un, ó di ìròyìn.

Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó dára jù láti dán ibẹ̀ wò ni kí a fi fídíò tí a kò tíì gé dáadáa han ẹni tí kò mọ ìtàn náà, kí a má ṣe wo fóònù pẹ̀lú rẹ̀, ojú rẹ̀ ni kí a máa wò. Má ṣe béèrè bóyá ó dùn, nítorí ọmọlúàbí á ní ó dùn. Wo ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Bó bá rẹ́rìn-ín nígbà tí ṣíbí ṣì ń yí, ìdákẹ́ ti gùn jù, ẹ sọ mẹ́ta di méjì. Bó bá rẹ́rìn-ín bí Bàbá ṣe ń gbójú sókè, ó bọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé «gbì!» nìkan ló pa á lẹ́rìn-ín, ìró ọ̀fun ló ń rín, kò rántí mẹ́rin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tún 1:22 ṣe, wọn á fi orin sí i, wọn á mú kí Bàbá la ojú sí i. Àìsàn náà kò sí níbẹ̀. Ó wà ní 0:00 àti 0:28, níbi tí «mẹ́rin» kò ti dún ketekete tó.

Ojú kámẹ́rà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Nínú fíìmù Steamboat Bill, Jr. ti ọdún 1928, iwájú odindi ilé wó lu Buster Keaton, kò sì kàn án, nítorí ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ bọ́ sí ibi tó dúró sí gẹ́lẹ́. Kámẹ́rà jìnnà tó láti rí ènìyàn, ògiri àti fèrèsé pọ̀ lójú kan. Bí wọ́n bá ti gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́, ògiri lọ́tọ̀, ojú ọkùnrin náà lọ́tọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbà pé ilé wó lóòótọ́. Àwàdà tí a ń fi ojú rí máa ń fẹ́ kí ohun méjì tó ń takora wà nínú àwòrán kan náà. Ní 1:22, ìkòkò àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wálé ni ohun méjì yẹn. Fóònù tí a dá dúró lóòró kò fẹ̀, nítorí náà a kò lè to àwọn ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ fi Wálé sórí àpótí ìjókòó kékeré níwájú, nísàlẹ̀ àwòrán, kí Bàbá àti ìkòkò wà lẹ́yìn rẹ̀ lókè. Òǹwòran á rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú ní gbogbo ìgbà tí Bàbá fi ń kà á, Bàbá nìkan ni kò rí i.

Omi ojú náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìròyìn, kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bó bá kán kí Bàbá tó dárúkọ Màmá Àgbà, Bàbá ní láti béèrè ohun tó ń pa Wálé lẹ́kún, ìtàn á sì wó. Mo fi bí ìṣẹ́jú àáyá méjìlá sí àárín ìgbà tí ẹran wọ ẹnu àti ìgbà tí omi kán, kó lè ṣeé gbà gbọ́ pé ooru ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Níbi ìyàwòrán, ẹran náà kì í ṣe ẹran, kò sì gbóná. Búrẹ́dì rírọ̀ ni kí ọmọdé fi sẹ́nu, nítorí ẹran tó le lè há a lọ́fun bí ẹ̀rín bá mú un, nígbà tí Bàbá bá sì máa gbá a lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo, kó fi ahọ́n ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dípò. Omi lásán ni ká fi kán ojú ọmọ náà, ká ya ibẹ̀ lọ́tọ̀. Àgbàlagbà lè fi ìpara oníméńtọ́ọ̀lù díẹ̀ sí abẹ́ ojú, kì í ṣe inú ojú.

Ìwo mẹ́ta tí Wálé wò ní 0:20, ilẹ̀kùn, ìkòkò, ẹran, òun náà ni Bàbá wò ní 1:34. Kí olùdarí rí i pé ìwo kọ̀ọ̀kan gba àkókò kan náà nígbà méjèèjì, kí ọrùn yí sí apá kan náà. Bí òṣèré tó ń ṣe Bàbá bá yí ìtò rẹ̀ padà, òǹwòran kò ní mọ̀ pé ọmọ ni bàbá ń fara wé, ẹ̀rín ibẹ̀ á sì sọnù láìsí ẹni tí yóò mọ ibi tó gbà lọ.

Iṣẹ́ gígé fídíò lè tún ohun gbogbo ṣe, ó sì lè bà á jẹ́. Máryam Apaokagi, tí a mọ̀ sí Taaooma, máa ń ṣe ìyá, bàbá àti ọmọ fúnra rẹ̀ nínú eré kan. Ẹni tó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní ẹnikẹ́ni níwájú tí yóò dá a lóhùn, nítorí náà àyè tó wà láàrin ìbéèrè àti ìdáhùn kò sí rárá àfi ìgbà tó bá jókòó ti fídíò láti gé e. Fún un, nọ́ńbà inú ìwé eré ni ojúlówó àkókò. Ìró náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Nínú fídíò tó ní àwòrán 25 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, bí «gbì!» bá fi àwòrán márùn-ún pẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí ọ̀fun Wálé gbéra, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni, síbẹ̀ ojú á mọ̀ pé nǹkan kò bá ara mu.

Ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sí ìsàlẹ̀ fídíò ló ń dùn mí jù, nítorí ó ti ba ọ̀pọ̀ eré tó dára jẹ́. Ojú yára ju etí lọ. Bí «Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta» bá yọ lẹ́ẹ̀kan náà, òǹwòran ti ka mẹ́ta kí Bàbá tó ka ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sì ti di òkú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. «Màmá Àgbà ni wọ́n ń rò» kò gbọdọ̀ hàn kí ọwọ́ Wálé tó bà lé èjìká. Kí àkọlé tí a fi gbé fídíò jáde má sì sọ fún ayé pé ẹran ló wà lẹ́nu Bàbá.

Nígbà tí a bá fi aago fóònù ka eré yìí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó lọ sí 2:20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òṣèré á máa fi «ṣé o rí i» àti «à ní kó o gbọ́» kún ọ̀rọ̀. Àwọn ìdákẹ́ ni ọwọ́ máa ń yá láti gé, nítorí wọ́n dà bí ìgbà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo àfikún ẹnu yẹn láàrin 0:28 àti 1:12, níbi tí Bàbá ti ń sọ̀rọ̀ jù. Bó bá ṣì kù, ẹ yọ «Èmi tí wọ́n bí nínú ara wọn, mi ò tíì sunkún», ẹgbẹ̀rún náírà tó fà yọ ti sọ ọ́ tán. Bó bá tún kù, ẹ dín bí Wálé ṣe ń ju ẹran láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní 0:08 kù sí ẹ̀ẹ̀mẹta. «Orúnkún ló kàn ń dùn wọ́n» gbọ́dọ̀ dúró, nítorí bí àìsàn Màmá Àgbà bá le lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò ní lè fi ọkàn tó fúyẹ́ rín ẹkún Wálé.